Iye tí mo ń rí fún ọ̀nà áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ń yí padà: ṣé ọ̀nà náà ló ń yí padà ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọpọlọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín kí n tó gbé àbájáde yìí síwájú olùkọ́ mi.

Páàṣì-kíláǹpù ni mò ń ṣe, irú èyí tí a ti ń fi ẹnu pípẹ́ẹ̀tì dígí lẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì láìdá awọ rẹ̀ lu. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ eku ni, láti hipokámpọ́ọ̀sì, tí a gbìn sínú àwo. Pòtáṣíọ̀mù kíláráìdì 140 mílímólà ló wà nínú pípẹ́ẹ̀tì mi. Omi iyọ̀ tó yí sẹ́ẹ̀lì ká ní tirẹ̀ kò ní pòtáṣíọ̀mù púpọ̀. Síìlì mi, ìyẹn ibi tí ẹnu pípẹ́ẹ̀tì ti lẹ̀ mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, ń tó nǹkan bíi gígá-óòmù 10.

Mo rí ọ̀nà áyọ́ọ̀nù kan, ìyẹn ihò tíńtín lára awọ sẹ́ẹ̀lì, tó ń ṣí tó ń tì. Ìlà ojú síkíríìnì á wà nílẹ̀, á ṣàdédé fò sókè, á dúró gbọọrọ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á sì já wálẹ̀. Mo wọn gíga ìfò náà ní oríṣiríṣi fóltéèjì pípẹ́ẹ̀tì:

```
Vp =   0 mV   i = 1.8 pA
Vp = +20 mV   i = 2.4 pA
Vp = +40 mV   i = 3.0 pA
Vp = +60 mV   i = 3.6 pA
```

Mo wá fi fóltéèjì pín iná kí n lè mọ bí ọ̀nà náà ṣe ń gba iná kọjá tó. Ní +20, mo rí 120 pS. Ní +40, ó di 75. Ní +60, ó di 60. Ní òdo, kò tilẹ̀ sí ohun tí mo lè fi pín, síbẹ̀ iná ń ṣàn. Ṣé ọ̀nà yìí ló ń há sí i bí fóltéèjì ṣe ń pọ̀ ni, àbí ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mò ń rí?

Dáre

Síìlì rẹ ló ń jò. Bí iná bá ń ṣàn ní òdo, ẹ̀gbẹ́ ẹnu pípẹ́ẹ̀tì ló ń gbà kọjá. Fa atẹ́gùn sí i díẹ̀ sí i nígbà tó o bá ti kan sẹ́ẹ̀lì, kó o sì rí i pé o fi iná yọ́ ẹnu pípẹ́ẹ̀tì kó dán. Ohun kejì, pòtáṣíọ̀mù máa ń jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì ni. Ìlà rẹ tó ń lọ sókè bá ìyẹn mu, nítorí náà ọ̀nà pòtáṣíọ̀mù ni.

Ìyá Tóbi

Ẹ jọ̀wọ́, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ọpọlọ lẹ ń sọ. Ọmọ mi ọkùnrin ní wárápá, wọ́n sì ti fún un ní oríṣiríṣi oògùn. Ṣé a lè ṣe irú àyẹ̀wò yìí fún un kí wọ́n lè mọ ibi tí àrùn náà wà? Ilé ìwòsàn wo ni wọ́n ti ń ṣe é?

Ẹ̀gbọ́n Morẹ́nikẹ́

Ìyá Tóbi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. A kì í ṣe èyí fún aláìsàn. Sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ wà nínú àwo lábẹ́ maikirosíkópù, kí ẹnu dígí tó tinrín ju irun orí lọ tó lè fara kàn án. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó ní wárápá ni èyí tí wọ́n ti ń lẹ wáyà mọ́ awọ orí láti gba iná ọpọlọ láti ìta, pẹ̀lú fọ́tò ọpọlọ. Ẹ bi dókítà rẹ̀ nípa méjèèjì. Níbi tí iṣẹ́ tiwa ti kan wárápá ni pé àwọn ọmọ kan wà tí ọ̀nà áyọ́ọ̀nù wọn ní àbùkù láti inú jíìnì. Àyẹ̀wò jíìnì nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń fi ìyẹn hàn, kì í ṣe pípẹ́ẹ̀tì.

Akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀nà kan náà ni o ń rí, kò sì há sí i rárá. Ohun tí o fi pín ni kò tọ́. Ọ̀nà yẹn kò mọ fóltéèjì pípẹ́ẹ̀tì nìkan lára. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín inú sẹ́ẹ̀lì àti inú pípẹ́ẹ̀tì ló ń mọ̀, nítorí àárín àwọn méjèèjì ló wà. Inú sẹ́ẹ̀lì sì ti ní fóltéèjì tirẹ̀ kí o tó dé ibẹ̀:

```
Vm = Vrest - Vp
```

Ìdí nìyẹn tí iná fi ń ṣàn nígbà tí Vp jẹ́ òdo. Má ṣe fi ojú nọ́ńbà kan ṣoṣo wò ó. Wo bí ìfò náà ṣe ń ga sí i bí Vp ṣe ń ga sí i. Láti +20 dé +60, Vp fi 40 mV lé, iná sì fi 1.2 pA lé:

```
1.2 pA / 40 mV = 0.030 nS = 30 pS
```

Ṣe é láti òdo dé +20, wàá tún rí 30. Gbogbo nọ́ńbà rẹ wà lórí ìlà kan tó tọ́ gbọnrangandan. Bí o bá wá fa ìlà yẹn sẹ́yìn títí iná fi máa di òdo, ó máa bọ́ sí Vp = -60 mV. Bí pòtáṣíọ̀mù inú sẹ́ẹ̀lì bá súnmọ́ 140 tó wà nínú pípẹ́ẹ̀tì, ibi tí iná ti di òdo yẹn ni ibi tí Vm ti jẹ́ òdo, èyí tó fi hàn pé Vrest rẹ wà ní nǹkan bíi -60 mV. Ìyẹn bá sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó wà láàyè mu dáadáa.

Dáre, ìmọ̀ràn rẹ lórí síìlì dára, ṣùgbọ́n jíjò kọ́ ló fa èyí. Iná tó ń gba ẹ̀gbẹ́ síìlì jò kò bá ọ̀nà ṣí, kò sì bá a tì. Ní +60 mV pẹ̀lú gígá-óòmù 10, ó máa jẹ́ 6 pA, ìyẹn ju ìfò náà fúnra rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ṣe ló kàn máa gbé ìsàlẹ̀ ìlà náà sókè. Láti ìsàlẹ̀ dé òkè ìfò la ń wọ̀n, jíjò kò sì yí gíga yẹn padà. Ní Vp òdo gan-an, síìlì kò tilẹ̀ ní ohun tó máa tì í jò.

Ti pòtáṣíọ̀mù tó ń jáde, bẹ́ẹ̀ ló rí nínú ara, níbi tí pòtáṣíọ̀mù ìta ti kéré. Níbí, 140 ló wà ní ìta ọ̀nà náà, inú sẹ́ẹ̀lì sì wà ní -60, ó sì ń fa á. Wíwọlé ló ń wọlé. Ampilifáyà ka iná tó ń jáde láti inú pípẹ́ẹ̀tì sí rere, ìdí nìyẹn tí ìlà fi ń lọ sókè. Ní Vp òdo, 1.8 pA yẹn jẹ́ áyọ́ọ̀nù pòtáṣíọ̀mù bíi mílíọ̀nù 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nípasẹ̀ ọ̀nà kan péré. Orí mi ṣì ń wú títí dòní tí mo bá rí i.

Bàbá Fisíọ́lọ́jì

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ibi tí síìlì ti wá. Nígbà tí Neher àti Sakmann kọ́kọ́ gba ìfò ọ̀nà kan ṣoṣo jáde ní Göttingen ní 1976, lára iṣan ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n ti gé okùn tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kúrò, síìlì wọn kò tó gígá-óòmù kan rárá. Ariwo sì pọ̀. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni wọ́n rí i pé pípẹ́ẹ̀tì tó mọ́ tónítóní, tí a kò tíì lò rí, pẹ̀lú fífa díẹ̀, máa ń lẹ̀ mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì pinpin. Torí náà, pípẹ́ẹ̀tì kan, sẹ́ẹ̀lì kan. Má tún un lò. Ẹ̀bùn Nobel wọn dé ní 1991.

Bọ́láńlé Ìbàdàn

Níbí tiwa, ariwo iná ló ń dà wá láàmú. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ti wà lórí, ìlà tó ń rú gùdẹ̀gùdẹ̀ ní hẹ́ẹ́sì 50 ló máa bo ohun gbogbo. A so gbogbo irin tábìlì mọ́ ojú áàtì kan ṣoṣo, ó sì dín kù gan-an. Fún ariwo mìíràn tó kù, tó ń yára ju ìyẹn lọ, mo fi fílítà sí hẹ́ẹ́sì 200, ìlà mi sì wá mọ́ rekete. Akẹ́kọ̀ọ́, gbìyànjú ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Morẹ́nikẹ́

Bọ́láńlé, ojú áàtì kan ṣoṣo yẹn ni kí gbogbo èèyàn tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n hẹ́ẹ́sì 200 á jẹ àbájáde rẹ. Pẹ̀lú fílítà yẹn, ìṣísílẹ̀ tí kò bá tó nǹkan bíi 0.9 mílísẹ́kọ́ńdì kò ní lè dé ìdajì gíga rẹ̀ kó tó já wálẹ̀. Ọ̀nà tó ń ṣí fún ìgbà kúkúrú á dà bí ọ̀nà kékeré, àwọn míì kò sì ní hàn rárá. Pẹ̀lú kílò-hẹ́ẹ́sì 1, ààlà yẹn bọ́ sí bíi 0.18. Ohun tí o máa fi mọ̀ nìyí: yí fílítà náà padà lórí àkọsílẹ̀ kan náà, kó o sì wọn gíga. Bí gíga bá ń dín kù bí fílítà ṣe ń lọ sílẹ̀, fílítà ló ń jẹ ẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́, má fi ojú lásán wọn ìfò kan méjì. Kó gbogbo àmì inú àkọsílẹ̀ gígùn jọ sórí àwòrán tó ń ka iye ìgbà tí ìlà wà ní ipò kọ̀ọ̀kan. Òkè méjì ló máa yọ, ọ̀kan fún ìgbà tí ọ̀nà tì, èkejì fún ìgbà tó ṣí. Àlàfo tó wà láàárín orí méjèèjì ni gíga ìfò rẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọpọlọ

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣe àwòrán náà ní kílò-hẹ́ẹ́sì 1, 30 pS náà ló bọ́ sí. Mo ní ìbéèrè méjì sí i. Lórí sẹ́ẹ̀lì mìíràn tó kéré, òkè ìfò náà kì í dúró gbọọrọ. Ó máa ń rọra rọlẹ̀ kó tó já. Èkejì ni pé nínú àkọsílẹ̀ kan ní +40, mo rí òkè kẹta ní 6 pA. Báwo ni mo ṣe lè fi dá a lójú pé ọ̀nà pòtáṣíọ̀mù ni gbogbo rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Morẹ́nikẹ́

Sẹ́ẹ̀lì kékeré ni ti àkọ́kọ́. Bí gbogbo awọ rẹ̀ bá ní gígá-óòmù 1, 3 pA tó ń gba ọ̀nà kan wọlé lè gbé fóltéèjì inú rẹ̀ ga ní 3 mV, agbára tó ń fa pòtáṣíọ̀mù á sì dín kù. Wọn gíga ní kété tó bá fò. Bí o bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Vrest pátápátá, fi pòtáṣíọ̀mù 140 sínú àwo náà, Vrest á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òdo. Ṣùgbọ́n ní +60, ìfò rẹ á wá jẹ́ 1.8 pA, kì í ṣe 3.6 mọ́.

Fún ìdánilójú, báríọ́mù máa ń dí irú ọ̀nà yìí. Inú pípẹ́ẹ̀tì ló gbọ́dọ̀ wà, torí omi àwo kò lè dé ibi tí síìlì ti bo. Nítorí náà, sẹ́ẹ̀lì mìíràn ni wàá fi ṣe ìfiwéra, kì í ṣe ọ̀nà yìí kan náà. Ibẹ̀ ló ti nira.

Dáre

6 pA jẹ́ ìlọ́po méjì 3. Ọ̀nà méjì ló wà lábẹ́ pípẹ́ẹ̀tì yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọpọlọ

Bẹ́ẹ̀ ni mo rò, ẹ̀gbọ́n Dáre, ṣùgbọ́n ó máa ń fò láti ìsàlẹ̀ lọ sí 6 tààrà láìdúró ní 3, ó sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ̀gbọ́n Morẹ́nikẹ́

Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ sí ti Dáre tán. Ọ̀nà méjì tí kò mọ ara wọn kò yẹ kó máa ṣí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà léraléra. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ń ṣí tẹ̀lé ara wọn, tí fílítà sì pa àárín wọn pọ̀. Ó tún lè jẹ́ ọ̀nà mìíràn tó tóbi jù, tó kàn ṣe kòńgẹ́ ìlọ́po méjì ní +40. Ṣé o ní àkọsílẹ̀ sẹ́ẹ̀lì yẹn kan náà ní òdo àti +60? Bí òkè kẹta bá jẹ́ 3.6 àti 7.2 níbẹ̀, ọ̀rọ̀ Dáre á lágbára sí i. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni. Gbé e wá pẹ̀lú fílítà kílò-hẹ́ẹ́sì 5, bí ariwo bá tilẹ̀ pọ̀.