Ohùn tó ń pòórá nínú mónò: kí la ó máa pè é?

Olóòtú rédíò: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà. A gba ìwàásù kan sílẹ̀ ní sítẹ́rìò, òsì lọ́tọ̀, ọ̀tún lọ́tọ̀. Nínú hẹ́dífóònù, ohùn ń jáde dáadáa. Nígbà tí a gbé e sórí rédíò kékeré tó ní sípíkà kan ṣoṣo, ìyẹn mónò, dùrù àti àtẹ́wọ́ ló kù, ohùn oníwàásù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Kí ló fà á? Orúkọ wo la sì lè fún un nínú ìwé tí mò ń kọ fáwọn ọmọ iṣẹ́ wa?

Olùkọ́ èdè: Ohùn ọ̀tún ló pẹ́ dé ju tòsì lọ, ni wọ́n bá ń ta ko ara wọn. *Ìtakora ohùn* ti tó.

Ọ̀gá sítúdíò: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n pípẹ́ dé nìkan kò lè gbé odindi ohùn lọ. Bí ẹ bá fi maikirofóònù méjì gba ohùn ẹnì kan, tí ọ̀kan fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 34 jìnnà ju èkejì lọ, ohùn yóò fi ìdá kan nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́ dé èyí tó jìnnà. Ẹ da méjèèjì pọ̀: ìró tó ń gbọ̀n nígbà 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á rẹlẹ̀ gan-an, èyí tó ń gbọ̀n nígbà 1,000 á sì lágbára sí i. Ohùn á dún lọ́nà àjèjì, ṣùgbọ́n ẹ ó ṣì máa gbọ́ ọ.

Ti olóòtú yìí yàtọ̀. Wáyà méjì ló máa ń gbé ohùn láti míksà lọ sínú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, ọ̀kan fún òsì, ọ̀kan fún ọ̀tún. Nínú orí wáyà náà, okùn 2 àti okùn 3 ló ń gbé ohùn. Bí ẹni tó fi lẹ́ẹ̀dì jó orí ọ̀kan nínú wáyà méjèèjì bá ṣi okùn méjèèjì fi síra, gbogbo ohun tó gba ibẹ̀ kọjá á dojú dé: ibi tí ìgbì òsì ti gòkè ni tọ̀tún ti ń sọ̀ kalẹ̀. Àárín ni wọ́n máa ń gbé ohùn oníwàásù sí, ìwọ̀n kan náà lósì àti lọ́tún. Bí ẹni méjì tí agbára wọn dọ́gba bá ń ti ilẹ̀kùn kan, ọ̀kan nínú ilé, ọ̀kan níta, ilẹ̀kùn kò ní mira. Dùrù àti àtẹ́wọ́ kò dọ́gba lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣẹ́ kù. Rédíò mónò sì rèé, àròpọ̀ òsì àti ọ̀tún nìkan ló ń gbà.

Nínú hẹ́dífóònù pàápàá, ẹ fetí sí i dáadáa: ohùn náà kò ní dúró láàárín orí, ńṣe ni á fọ́n ká. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ fi ètò ffmpeg lórí kọ̀ǹpútà yọ ọ̀tún kúrò lára òsì dípò kí ẹ rò wọ́n pọ̀:

```
ffmpeg -i iwaasu.wav -af "pan=mono|c0=0.5*c0-0.5*c1" mono.wav
```

Bí ohùn bá padà wá, ìdojúdé ni.

Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀ṣì: Ẹ jọ̀ọ́, ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí! Fóònù la so mọ́ ojú ihò maikirofóònù lára míksà. Ìlù ń dún, akọrin kò sí. Ṣé fóònù ló bàjẹ́ ni?

Ọ̀gá sítúdíò: Fóònù kò ṣe nǹkan kan. Ihò yẹn máa ń yọ okùn kan kúrò lára èkejì, ẹ sì ti fi òsì sórí ọ̀kan, ọ̀tún sórí èkejì. Ohun tó bá wà láàárín á parẹ́. Wáyà tó pín sí méjì, tó wọ ihò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ni kí ẹ lò.

Ní ti orúkọ, mo fẹ́ *ìdojúdé* fún ti wáyà, *àìjọdé* fún ti maikirofóònù tó jìnnà síra. Àtúnṣe wọn kò jọra, nítorí náà orúkọ kan kò gbọdọ̀ bo méjèèjì. Ohun tó ń tẹ̀yìn wọn yọ, ẹ jẹ́ ká pè é ní *ìparẹ́*.

Olùkọ́ èdè: Mo gba méjì àkọ́kọ́. *Ìparẹ́* ni mi ò gbà, torí ẹni tó bá pa fáìlì rẹ́ lórí fóònù náà ń sọ pé òun pa á rẹ́. Ọmọ iṣẹ́ á rò pé ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. *Ìpara-ẹni* ńkọ́?

Olóòtú rédíò: Háà, rárá o, Olùkọ́. Ẹni tó gbẹ̀mí ara rẹ̀ la máa ń fi ìyẹn sọ níbi ìròyìn. Mo lérò pé *àdàpọ̀dòfo* dára jù.

Ọ̀gá sítúdíò: Ó bá ìdojúdé mu, nígbà tí ìwọ̀n bá dọ́gba. Nínú àìjọdé, kì í dòfo tán, ìró díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ. Mi ò tíì ní ọ̀rọ̀ fún ìyẹn.

Olóòtú rédíò: Mo ti dán àṣẹ yẹn wò, ohùn bàbá padà wá. Wáyà ọ̀tún ni mo ń tú báyìí. *Ìdojúdé* àti *àìjọdé* ti wọ inú ìwé. Mo fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀kẹta.