Ẹsẹ̀ bàbá mi ti ń kú, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹbí. Ó ti tó ọdún 9 tí bàbá mi ti ní ìtọ̀ ṣúgà, mẹtifọ́mìn ni wọ́n ń lò. Páragà náà kì í wọ́n lẹ́nu wọn lálaalẹ́. Láti bí oṣù mélòó kan, wọ́n ní ó ń ṣe wọ́n bí ẹni pé eèrà ń rìn ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì, tó bá dòru á máa jó wọn bí iná. Lánàá, sílípáàsì kan bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn nínú ọjà Olúwo, wọ́n ń rìn lọ, wọn ò mọ̀! Oṣù méjì sí i ni wọ́n máa rí dókítà. Ṣé kí n dúró?

Ìyá Ìbejì: Òtútù ni. Ẹ fi ẹsẹ̀ wọn sínú omi gbígbóná oníyọ̀, kí wọ́n sì dín páragà kù.

Nọ́ọ̀sì Ìkòròdú: Ọ̀rọ̀ páragà yẹn dáa, Ìyá Ìbejì, ṣùgbọ́n omi gbígbóná kọ́ o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora, omi á bó o kí ẹni tó ni ín tó mọ̀. Ọmọ Ẹ̀pẹ́, ẹ ní kí bàbá dijú. Ẹ fi orí ìka yín kan àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ kan ìka àárín àti èyí tó kéré jù, ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìka 6 nìyẹn. Bí wọn ò bá mọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má dúró. Kí ẹ sì wo àárín ọmọ ìka àti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn.

Bàbá Onímọ́tò: Èmi ò ní ṣúgà, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń kú, láti ìdí wá sílẹ̀. Ṣé ìkan náà ni?

Nọ́ọ̀sì Ìkòròdú: Rárá, sà. Ti ṣúgà àti ọtí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí tiyín wá láti ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó. Bí ẹsẹ̀ bá rọ lójijì tàbí ìtọ̀ ò gbọ́ràn mọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Mo ti ṣe é. Méjì péré ni wọ́n mọ̀ nínú 6. Mo rí egbò kékeré lábẹ́ àtàǹpàkò, ó ti ń ṣomi. Wọ́n ní kò dùn wọ́n rárá.

Nọ́ọ̀sì Ìkòròdú: Àìdùn yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀la ni kí ẹ lọ, kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò àti fítámì B12, torí mẹtifọ́mìn máa ń dín in kù bó bá pẹ́ lára. Ẹ má dá oògùn náà dúró fúnra yín o. Ẹ sọ iye páragà tí wọ́n ń mu gan-an: ẹni tó ń mu ún púpọ̀ lójoojúmọ́ tó bá dá a dúró lójijì, gìrì lè mú un.

Ìyá Ìbejì: Ṣé ẹsẹ̀ náà á padà mọ nǹkan lára?

Nọ́ọ̀sì Ìkòròdú: Bó bá jẹ́ ti B12 tàbí ọtí, ó lè sàn díẹ̀ bí a bá tètè mú un. Ti ṣúgà ṣòro, àmọ́ a lè mú kó má tètè gòkè sí i.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Wọ́n ní ẹja ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn ò lè lọ. Ta ló mọ ohun tí mo lè sọ fún wọn?