Owó oṣù ni wọ́n ń kọ sí fọ́ọ̀mù, àmọ́ kì í ṣe owó ló ń lé wọn lọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni mo máa ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tó fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ níléeṣẹ́ wa lẹ́nu wò. Láàárín oṣù mẹ́fà, èèyàn 11 ló ti lọ, 7 nínú wọn sì wá láti ẹ̀ka kan ṣoṣo. "Owó oṣù" ni gbogbo wọn kọ sí fọ́ọ̀mù. Ó yé mi: ta ló fẹ́ ba ẹ̀yìn ara rẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ṣì máa jẹ́rìí sí i níbi iṣẹ́ tuntun?

Mo wá bi obìnrin kan pé, "Ọjọ́ wo gan-an lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ míì?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n pè mí pé àárọ̀ ọ̀la ni mo máa wọṣẹ́, kì í ṣe ọ̀sán mọ́." Látìgbà náà, ìbéèrè yẹn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Mo ti bi èèyàn 5 ní ẹ̀ka yẹn, 4 ló sọ irú nǹkan kan náà.

Àwọn aláṣẹ ti rí fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kò sówó, ọ̀rọ̀ parí. Tí mo bá sọ ohun tí mo gbọ́, èèyàn 5 kéré, olórí ẹ̀ka máa mọ ẹni tó sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ mo ti ṣèlérí pé mi ò ní tú àṣírí.

Mo ń rò ó pé kí n kó àkọsílẹ̀ iye ìgbà tí wọ́n yí àkókò iṣẹ́ padà jáde, kí ìyẹn sọ̀rọ̀ dípò àwọn èèyàn náà, kí n wá ní ká dán an wò fún oṣù mẹ́ta: kí wọ́n máa lẹ àkókò iṣẹ́ síta ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ṣé ẹ ti ṣe é báyìí rí? Àbí kí n kọ́kọ́ pe àwọn tó ti lọ tipẹ́?