Àbọ̀ ọ̀rọ̀ owó oṣù tí mo béèrè

"Ẹni tó ń bá ilé iṣẹ́ kan wá òṣìṣẹ́ pè mí, ó ní èló ni mò ń retí lóṣù. Kí ni kí n sọ?"

Ẹ ṣé gan-an fún ìmọ̀ràn yín lórí ìbéèrè mi yìí. Bí ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbani síṣẹ́ ṣe ní kí n ṣe, mo kọ́kọ́ bi ẹni tó pè mí ní iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Ó ní kí n sọ tèmi ná. Mo ní: "₦350,000 sí ₦420,000, lẹ́yìn owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì. Tí mo bá mọ bí iṣẹ́ náà ṣe tó, a lè jọ tún un wò." Mo ti ro owó ọkọ̀ Ìkòròdú sí Ìkẹjà mọ́ ₦350,000 yẹn, torí ìsàlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń dì mú. Àǹtí tó ní kí n má dárúkọ iye kankan, ó dáa níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó pè mí tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Bọ̀ọ̀dá tó ń sọ ti àfikún owó oṣù, ìyẹn yàtọ̀ sí ti iṣẹ́ tuntun. Wọ́n ti pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọn ò tíì sọ iye tiwọn.