5 tó wà lórí Σ ló já mi kulẹ̀

Ọmọ Lágere: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹni tí àmì Σ, èyí tó ní ká ro nǹkan pọ̀, bá ti fìyà jẹ rí, kó wá gbọ́ tèmi. Ní kíláàsì lẹ́sìn kan ní Ifẹ̀ níbí ni. Wọ́n kọ `k = 2` sábẹ́ Σ, 5 wà lórí rẹ̀, `(3k − 1)` wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní nǹkan márùn-ún ni 5 yẹn ní kí n kọ. Mo bẹ̀rẹ̀ láti 2, mo kọ 5 + 8 + 11 + 14 + 17, ó di 55. Wọ́n fi bíró pupa fà á kọjá, wọn ò sọ ìdí.

Ìyá Ìbejì: Ó ṣe èmi náà rí. Ṣáà yọ ti ìsàlẹ̀ kúrò nínú tòkè. 5 yọ 2, ó ku 3. Nǹkan mẹ́ta péré ni, o kàn da ara ẹ láàmú.

Akọ̀wé Àjẹsẹ́kù: Ṣé kì í ṣe àmì tí mò ń tẹ̀ nínú Excel nìyẹn? Lóṣù tó kọjá, mo tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́, àyè òfìfo kan wà láàárín, ibẹ̀ ló dúró sí. Owó àwọn tó wà lókè kò wọlé rárá. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pè mí lólè!

Bàbá Ìjẹ̀ṣà: Akọ̀wé, ẹ̀rọ tiyín ń méfò ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀ ni. Tibí yìí, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ó ku díẹ̀. Ọjà tí a ná lónìí, tí a ó tún ná lọ́rún, ọjọ́ mẹ́ta ló wà láàárín wọn, síbẹ̀ ọrún là ń pè é, torí a ka òní, a sì ka ọjọ́ ọjà kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni k: 2, 3, 4, 5. Mẹ́rin ni. Ẹ yọ ọ́ tán, kí ẹ fi 1 kún un.

Ọmọ Lágere, fi 2 sípò k. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 6, yọ 1, ó ku 5. Fi 3 síbẹ̀, o rí 8. 4 fún ọ ní 11, 5 fún ọ ní 14. Ó parí: 5 + 8 + 11 + 14, 38. Kó o tó rò ó pọ̀, wo èyí tó kẹ́yìn, kó o bi ara rẹ pé k wo ló bí i.

Ọmọ Lágere: Háà! k = 6 ló bí 17 mi, 6 ò sì sí níbì kankan lórí pátákó. Ẹ ṣé gan-an, sà. Ṣùgbọ́n mo rí ìwé kan tí kò fi àkámọ́ sí i: `Σ 3k − 1`.

Bàbá Ìjẹ̀ṣà: Èmi á ro 3k nìkan pọ̀, 6 + 9 + 12 + 15, ìyẹn 42, màá wá yọ 1 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. 41.

Ìyá Ìbejì: Olùkọ́ tèmi, 38 ló máa ní ó jẹ́ o. Ó ní gbogbo ẹ̀ ló wà lábẹ́ Σ.

Bàbá Ìjẹ̀ṣà: Ẹ bá mi sọ fún un kó fi àkámọ́ sí i.