Kí ni ká pe tọ́ọ̀kù nínú ìṣirò àkàbà tó fara ti ògiri?

Olùtúmọ̀ kọ pé:

Ẹ̀yin àgbà, mò ń túmọ̀ ìṣirò kan lórí àkàbà tó fara ti ògiri. "Ipá ìyípo" ni mo kọ fún tọ́ọ̀kù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mi kà á béèrè pé ṣé àkàbà náà ń pòòyì ni. Mo sì kọ "ìfarakínra" fún fírísọ̀n tó wà nílẹ̀. Ṣé àwọn méjèèjì tọ́?

Olùkọ́ físíìsì dáhùn pé:

Ẹni tó bá yín kà á kò jẹ̀bi. Àkàbà yẹn dúró gbọin ni, kò yí, kò pòòyì, síbẹ̀ tọ́ọ̀kù wà lára rẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì. Ohun tí tọ́ọ̀kù ń wọ̀n ni bí ipá kan ṣe fẹ́ mú nǹkan yí tó, yálà nǹkan náà gbà fún un tàbí kò gbà. "Ipá" gan-an kò bá a mu, nítorí pé níútọ̀nù ni a fi ń wọn ipá, níútọ̀nù-mítà sì ni a fi ń wọn tọ́ọ̀kù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí "ipá" nínú orúkọ rẹ̀ yóò fẹ́ ro ó pọ̀ mọ́ ìwúwo. Mo ti rí i nínú ìwé ìdánwò, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ìmọ̀ràn tèmi ni "ìmúyí".

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ká ní àkàbà náà gùn ní mítà 5, ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ìdí ògiri ní mítà 3, orí rẹ̀ sì kan ògiri ní mítà 4 sókè. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ níútọ̀nù 200, ó sì dọ́gba láti ẹsẹ̀ dé orí, nítorí náà a lè ka gbogbo ìwúwo náà sí àárín rẹ̀. Ògiri náà ń dán, kò lè di àkàbà mú, títì nìkan ló lè tì í sẹ́yìn. Bí a bá fi ẹsẹ̀ àkàbà ṣe ibi tí a ti ń wo yíyí, ipá méjì tó wà níbẹ̀, èyí tí ilẹ̀ fi gbé e sókè àti fírísọ̀n, kò ní ìmúyí kankan, torí pé kò sí àlàfo láàárín wọn àti ibẹ̀. Ìwúwo ń fẹ́ wó o lulẹ̀, ògiri ń fẹ́ tì í dìde:

200 × 1.5 = T × 4

Títì ògiri, T, wá jẹ́ níútọ̀nù 75. Fírísọ̀n nìkan ló dojú kọ ọ́ ní ìbú, nítorí náà òun náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 75.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdá-èdè kọ pé:

Ẹ ṣeun, Mà. "Ìmúyí" dùn lẹ́nu, ó sì ní ìpìlẹ̀ tó ṣe kedere: "mú" àti "yí", bí "ìmúṣẹ" ṣe wá láti ara "mú ṣẹ". Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, àárín àkàbà tó gùn ní mítà 5 jìnnà sí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní mítà 2.5. Ibo ni 1.5 ti wá? Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí a óò lò fún àlàfo yẹn ni "gígùn", gígùn kọ́ ni ẹ lò yẹn.

Olùkọ́ físíìsì dáhùn pé:

Ẹ ti fọwọ́ kan ibi tó ń dunni gan-an, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi ní gbà kí a pè é ní gígùn. Ẹ ronú pé ẹ fi okùn so òkúta kan rọ̀ sí àárín àkàbà náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Okùn yẹn ni ọ̀nà tí ìwúwo ń gbà. Ẹ wọ̀n ọ́n nílẹ̀, láti ẹsẹ̀ àkàbà dé abẹ́ òkúta: mítà 1.5 ni, ìdajì 3. Fún ògiri, títì rẹ̀ ń lọ ní ìbú ní òkè, nítorí náà bí ọ̀nà rẹ̀ ṣe ga sí ẹsẹ̀ àkàbà ni a ń wọ̀n, ìyẹn mítà 4. Èmi a máa pè é ní "apá ìmúyí", kí ẹnikẹ́ni má baà na téèpù sí ara àkàbà.

Ní ti "ìfarakínra", nǹkan méjì tó ń ra ara wọn ló ń wá sọ́kàn. Kò sí ohun tó ń ra ara wọn níhìn-ín. Ilẹ̀ kàn kọ̀, kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ àkàbà yọ̀ ni. Mo dábàá "ìkọ̀yọ̀".

Olùtúmọ̀ kọ pé:

Mà, ìṣirò mi sọ pé ìwọ̀n ìkọ̀yọ̀ ilẹ̀ náà jẹ́ 0.5. Ilẹ̀ gbé 200, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 100. Ó yẹ kí ìkọ̀yọ̀ jẹ́ 100 nígbà náà, kì í ṣe 75.

Olùkọ́ físíìsì dáhùn pé:

Bó bá jẹ́ 100 ni, ta ló ń fi 25 tó kù ti àkàbà sẹ́yìn kúrò lára ògiri? 100 ni òpin ohun tí ilẹ̀ lè ṣe, 75 ni ohun tí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ "kò lè ju ìdajì lọ", ẹ má kọ "jẹ́ ìdajì". Bí ìwọ̀n náà bá kéré sí 0.375, ìyẹn 75 tí a fi 200 pín, àkàbà náà kò ní dúró rárá.

Káfíńtà kan kọ pé:

Àkàsọ̀ lèmi ń pè é, mo rò pé orúkọ rẹ̀ lẹ ń jà lé lórí. Àmọ́ mo ní ìbéèrè. Tèmi dúró dáadáa nígbà tí mo gbé e ti ògiri. Mo ní bí mo bá gùn ún, ìwúwo mi á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á tún le sí i. Ìsàlẹ̀ dára. Mo ń súnmọ́ òkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ fìrì. Kí ló dé?

Olùkọ́ físíìsì dáhùn pé:

Ẹ kú ewu, Ọ̀gá. Ohun tí ẹ rò tọ̀nà títí ẹ fi dé àárín. Ká ní ìwúwo yín jẹ́ níútọ̀nù 600 lórí àkàbà tiwa yìí. Ilẹ̀ á gbé 800, òpin ìkọ̀yọ̀ rẹ̀ á di 400. Níbi tí ẹ ti gun mítà 1 lára rẹ̀, apá ìmúyí yín jẹ́ 0.6 péré, ohun tí a béèrè lọ́wọ́ ilẹ̀ sì jẹ́ 165. Àmọ́ bí ẹ ṣe ń gòkè ni apá náà ń gùn sí i, òpin 400 kò sì kúrò lójú kan. Nígbà tí ẹ bá gùn tó nǹkan bíi mítà 3.6, 400 ti pé. Ìgbésẹ̀ kan sí i, ó yọ̀. Bí ẹ bá fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ ògiri, ẹ óò dín apá yẹn kù.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdá-èdè kọ pé:

Mo gba "ìmúyí" àti "apá ìmúyí". N kò tíì gba "ìkọ̀yọ̀". "Yọ̀" tí ẹsẹ̀ ń yọ̀ àti "yọ̀" tí inú dídùn ń múni yọ̀, ohùn kan náà ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè rò pé ilẹ̀ náà ń bínú ni. Yàtọ̀ sí èyí, kí la óò pe ti nǹkan tó ti ń yọ̀ lọ, tí ilẹ̀ ṣì ń fà sẹ́yìn? Kò kọ̀ mọ́, ó ti gbà.

Olùkọ́ físíìsì dáhùn pé:

Kò tíì gbà tán, ó ṣì ń jà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́. N kò ní orúkọ fún ìyẹn.

Olùtúmọ̀ kọ pé:

Mo ti tún un kọ báyìí: "Ìmúyí ìwúwo àti ìmúyí títì ògiri dọ́gba ní ẹsẹ̀ àkàbà, fírísọ̀n ilẹ̀ kò lè ju ìdajì ohun tí ilẹ̀ gbé lọ." Mo fi fírísọ̀n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní tèmi. Ẹni tó bá mi kà á tún ti kà á, kò béèrè nípa pípòòyì mọ́, ṣùgbọ́n ó ní kí ló dé tí a fi ń wò ó láti ẹsẹ̀, tí a kò wò ó láti orí.

Olùkọ́ físíìsì dáhùn pé:

Ẹ ní kó wò ó láti orí. Ilẹ̀ á ní 200 × 3, ìwúwo á ní 200 × 1.5, fírísọ̀n á sì ní 75 × 4. 600 ní apá kan, 300 àti 300 ní èkejì.