Ìkìlọ̀ pupa ń yọ lójú pótà iléèwé kan: ṣé kí n kọjá ni, àbí kí n dúró?

Ìyá Ṣadé
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní ní Òkè-Adó, n'Ìbàdàn. Láti àárọ̀ ni àwọn ọmọ tó fẹ́ san owó ìgbàwọlé iléèwé kan ti ń wá bá mi. Bí mo bá ti ṣí pótà iléèwé náà lórí Chrome, ojú ewé tó ní àmì pupa ló ń yọ, wọ́n kọ `Your connection is not private` sí i, wọ́n wá kọ `NET::ERR_CERT_DATE_INVALID` sísàlẹ̀. Ọ̀la ni ọjọ́ tí wọ́n dá fún owó náà pé. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní kí n tẹ `Advanced` kí n sì kọjá, ó ní bí òun ṣe ṣe é fún ẹnì kan lálẹ́ àná nìyẹn. Ọkàn mi ò balẹ̀, torí káàdì báńkì oníbàárà la fẹ́ lò. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ojú ewé yìí ń sọ gan-an?

Túndé Olùtúnṣe
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Aago láptọ́ọ̀pù yín ni. Bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú, déètì ti sá padà sẹ́yìn. Ẹ tún déètì ṣe, á ṣí. Tí kò bá ṣí, tí ẹ ò sì rí ibi tí ẹ máa tẹ̀ láti kọjá, ẹ tẹ `thisisunsafe` lórí kíbọ́ọ̀dù bí ojú ewé náà bá ṣe wà níwájú yín, á gbà yín wọlé.

Alhaja Múnírà
Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ẹnì kan fi líǹkì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé báńkì mi ní kí n wá tún orúkọ mi kọ. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, gbogbo ojú fóònù pọ́n kankan. Mo sáré pa á. Ṣé iléèwé yìí náà ti di ti gbájúẹ̀ ni?

Bọ̀dá Káyọ̀dé
Alhaja, ọ̀tọ̀ ni tiyín, ẹ sì ṣe dáadáa tí ẹ sá. Google ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn sáìtì gbájúẹ̀ àti àwọn tó ń kó fáírọ́ọ̀sì bá èèyàn sí, Chrome a sì máa yẹ ìwé náà wò. Tí gbogbo ojú ewé bá pọ́n, orúkọ sáìtì náà ti wà níbẹ̀. Èèyàn kì í kọjá nínú ìyẹn.

Ti Ìyá Ṣadé, àmì onígun mẹ́ta nìkan ló pupa. Ohun tó ń sọ ni pé Chrome ò lè jẹ́rìí sí i pé ẹni tó ń dáhùn ní òdìkejì ló ni orúkọ tí ẹ tẹ̀. Sáìtì tó bá fi `https` bẹ̀rẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí tó ń gbé dání. Orúkọ sáìtì, orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí wà nínú rẹ̀. Chrome á kọ́kọ́ kà á kó tó fi ohunkóhun tí ẹ bá kọ ránṣẹ́.

Kí n tó dá yín lóhùn, Ìyá Ṣadé, ẹ bá mi wo nǹkan mẹ́ta. Ṣé àwọn sáìtì mìíràn ń ṣí lórí láptọ́ọ̀pù kan náà? Tí ẹ bá fi dátà fóònù yín ṣí pótà náà láìlo Wáì-Fáì ṣọ́ọ̀bù, ṣé ìkìlọ̀ náà ṣì ń yọ? Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ `Not secure` tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì, ẹ ṣí ìwé ẹ̀rí náà, kí ẹ ka ohun tó wà ní `Issued To`, `Issued By` àti `Expires On`.

Ìyá Ṣadé
Ẹ ṣé gan-an. Déètì láptọ́ọ̀pù pé, àwọn sáìtì yòókù ń ṣí. Lórí dátà fóònù, ìkìlọ̀ kan náà ni. Orúkọ pótà iléèwé ló wà ní `Issued To`, Let's Encrypt ló fọwọ́ sí i, àárọ̀ àná ló sì parí.

Bọ̀dá Káyọ̀dé
Ọ̀rọ̀ ti yé wa. Ká ní aago ló bàjẹ́ bí Túndé ṣe rò, sáìtì tó pọ̀ ni ì bá kọ̀ láti ṣí, Chrome fúnra rẹ̀ á sì sábà kọ ọ́ síbẹ̀ pé `Your clock is behind`. Ó sì jọ pé Wáì-Fáì yín mọ́ lọ́wọ́ nínú ẹ̀, torí fóònù rí ohun kan náà lórí dátà. Iléèwé ni kò sọ ìwé ẹ̀rí wọn dọ̀tun. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni ìwé ẹ̀rí Let's Encrypt sábà ń lò. Ètò kan lórí sáfà ló máa ń sọ ọ́ dọ̀tun fúnra rẹ̀. Tí ètò yẹn bá dákẹ́, ó lè má ta sí ẹnikẹ́ni létí, pàápàá torí pé Let's Encrypt ò fi ímeèlì ránni létí mọ́ láti oṣù kẹfà ọdún 2025.

Ṣé kí ẹ kọjá? Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ ka orúkọ àwọn tí wọ́n gbà wọlé, tí gbogbo ayé lè kà, mi ò rí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tẹ páswọ́ọ̀dù, ẹ má tẹ nọ́ńbà káàdì. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ ṣì máa wà ní títì pa lójú ọ̀nà lóòótọ́. Ohun tó ti lọ ni ẹ̀rí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Tí wọ́n bá jí kọ́kọ́rọ́ sáìtì kan, wọ́n á fagi lé ìwé ẹ̀rí rẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n ti fagi lé. Ìwé ẹ̀rí tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá lè kúrò nínú àkọsílẹ̀ yẹn, kò sì ní sí ibi tí èèyàn ti máa mọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn
Ẹ ń dẹ́rù bà wọ́n jù. Mo máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa láti wọ inú ráútà mi ní `192.168.1.1`, kò sí nǹkan kan tó ṣe mí. Àti pé pótà iléèwé kọ́ ló ń gba owó. Ó kàn ń darí èèyàn sí sáìtì iléeṣẹ́ ìsanwó ni, ìwé ẹ̀rí tiwọn sì pé.

Bọ̀dá Káyọ̀dé
Òótọ́ lẹ sọ lórí ráútà, sà. Òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí `NET::ERR_CERT_AUTHORITY_INVALID` fi máa ń yọ. Ẹ̀rọ yín ni, orí tábìlì yín ló wà, ẹ lè kọjá. Lórí owó, ojú ewé tí ẹ bá kọjá sínú rẹ̀ ló máa sọ sáìtì ìsanwó tí ẹ máa lọ. Tí ẹlòmíràn bá wà láàárín, á darí yín sí tiẹ̀, ìwé ẹ̀rí tiẹ̀ náà sì lè pé pérépéré. Ọmọ náà á sì ti tẹ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀.

Ìyá Ṣadé, ọmọ tó bá ti gba nọ́ńbà ìsanwó kí ọjọ́ ìwé ẹ̀rí tó parí, ẹ fọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́ẹ̀sì iléeṣẹ́ ìsanwó, tàbí kí ó gba báńkì lọ. Ẹ ò nílò pótà fún ìyẹn.

Túndé Olùtúnṣe
Ẹ̀gbọ́n, mo gbà lórí aago. Ṣùgbọ́n `thisisunsafe` ń ṣiṣẹ́ o. Téèyàn bá sì dá déètì láptọ́ọ̀pù padà sí ìjẹta, pótà náà á ṣí láìsí ìkìlọ̀.

Bọ̀dá Káyọ̀dé
Á ṣí, mi ò jiyàn. Ìwé ẹ̀rí tó ti parí náà lo ṣì máa bá níbẹ̀, Chrome nìkan lo tàn jẹ. Àwọn sáìtì tí ìwé ẹ̀rí tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lánàá á tún máa kọ̀. Níbi tí Chrome ò bá ti fún èèyàn láyè láti kọjá, ẹni tó ni sáìtì ló sábà ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kó má gba ẹnikẹ́ni láyè bí ìwé ẹ̀rí bá ní ìṣòro. Bí Gmail ṣe rí nìyẹn. Má kọ́ oníbàárà ní ọ̀rọ̀ yẹn, àbúrò.

Ìyá Ṣadé
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹni tó ti sanwó lálẹ́ àná ńkọ́?

Bọ̀dá Káyọ̀dé
Tó bá jẹ́ ìwé ẹ̀rí tí ẹ kà fún mi yìí náà ló rí, mo rò pé kò sí ewu, àmọ́ mi ò lè búra, torí mi ò rí ohun tó yọ lójú láptọ́ọ̀pù nígbà yẹn. Kí ó bi iléèwé bóyá owó rẹ̀ ti wọlé, kí ó máa wo àkáǹtì rẹ̀, kí ó sì yí páswọ́ọ̀dù padà ní kété tí pótà bá dára.

Ìyá Ṣadé
Mo ti pe iléèwé, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, wọn ò sọ àkókò. Àwọn tó ti ní nọ́ńbà ìsanwó ti gba báńkì lọ. Àwọn tí kò tíì ní ló kù. Tí kò bá sì dára títí di ọ̀sán ọ̀la ńkọ́?

Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn
Èmi á kọjá. Àyè ìgbàwọlé ọmọ kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré.

Bọ̀dá Káyọ̀dé
Èmi á ya fọ́tò ìkìlọ̀ náà pẹ̀lú déètì àti aago, mo á fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìgbàwọlé lálẹ́ òní, kí wọ́n lè sún ọjọ́ síwájú. Bóyá wọ́n á gbà, mi ò mọ̀.